Ìbéèrè Ọ̀rọ̀ Mẹ́tàlá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ̀bi. Mi ò sọ ọ́ láti bú u o, bí ó ṣe rí ni mo ń sọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí àwo bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwo náà ni kò lágbára. Bí ọkọ̀ bá fi í sílẹ̀, awakọ̀ ni kò mọ aago wò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo ti fi jẹ́ àbúrò rẹ̀, etí mi kò sì gbọ́ "àṣìṣe mi ni" láti ẹnu rẹ̀ rí, àyàfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ilé-ìkàwé ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé tí àwọn èèyàn bá dá padà. Ìyá Káàdì ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sórí káàdì. Ohun tó fẹ́ rà lọ́jà, káàdì ni. Ọjọ́ tí mo ṣe ìlérí láti tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, ó wà lórí káàdì, ọjọ́ tí mi ò wá náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ó ti gba iṣẹ́ ìdíje ìbéèrè ọdọọdún ti ilé-ìkàwé mọ́ra, ọdún mọ́kànlá gbáko. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ni wọ́n máa ń díje níbẹ̀, iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Òun ló ń ṣe ìbéèrè abala tó kẹ́yìn, èyí tí ife ẹ̀yẹ máa ń dá lé lórí. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, èmi náà ni mò ń wo aago tí mo sì ń lu agogo, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Aago.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ó béèrè odò tó gùn jù láyé, ẹgbẹ́ kan mú ìwé kan wá, ẹgbẹ́ kejì mú ìwé mìíràn, ìwé méjèèjì kò sì bára mu. Ìyá Káàdì ní àwọn tó wọn odò náà ni kò mọ òṣùwọ̀n lò. Ọ̀gá ilé-ìkàwé, ọkùnrin tútù kan tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń le, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kí èmi náà wọlé.

Ó ní, "Mà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan wà tó ń ta ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìdáhùn, pẹ̀lú àwòrán. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹgbẹ́ kan bá tún fi ẹ̀hónú hàn lórí ìbéèrè yín, tí ẹgbẹ́ náà sì jàre, ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti máa rà á."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀. A rìn dé ilé, ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ lórí iná títí ó fi gbẹ. Kò tilẹ̀ bá ìkòkò wí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó mú àwọn àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ àgbáyé ṣe kókó ìbéèrè rẹ̀. Ó ní odò lè gùn kí ó tún kúrú, ṣùgbọ́n àjọ ní ìwé òfin, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ wà níbẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, ilé rẹ̀ kò ṣe é wọ̀. Orí tábìlì ìjẹun, káàdì. Orí àga tí mo máa ń jókòó sí, káàdì. Aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ẹ̀gbọ́n mi bi í ní ìbéèrè nígbà tí ìyẹn ń wọn apá rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi, ó máa ń bi mí nígbà tí oúnjẹ bá kún ẹnu mi.

"Aago! Ọdún mélòó ni orílẹ̀-èdè onígbà díẹ̀ ń lò ní Ìgbìmọ̀ Ààbò?"

"Méjì," ni mo fi ìrẹsì dáhùn.

"Ó dáa. Máa jẹun."

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló kù fún àṣekágbá: àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, àwọn olùkọ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ìlà pupa sábẹ́ àjọ mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé, a kò gbọdọ̀ bi àwọn nọ́ọ̀sì. Àjọ ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, a kò gbọdọ̀ bi àwọn olùkọ́. Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, kí àwọn oníwèé, àwọn ti ilé ìfìwéránṣẹ́, jìnnà sí i.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rò pé wọ́n á bínú? Ohun tí wọ́n mọ̀ jù lọ lẹ fi ń dù wọ́n."

"Ohun tí wọ́n mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti ń gbowó lé e lórí lóṣooṣù. Ṣé kí n tún fún wọn ní ife lórí ẹ̀ ni?"

Ètò máàkì rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìbéèrè mẹ́ta, ogún ìṣẹ́jú-àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì mẹ́wàá bí wọ́n bá gbà á. Bí wọ́n bá kùnà, ìbéèrè náà yóò kọjá sí tábìlì tó tẹ̀ lé tiwọn nìkan, fún máàkì márùn-ún. Bí tábìlì yẹn náà bá kùnà, ó parí, a kì í yọ máàkì ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ máa dáhùn, kí ó lè gbóná. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní ojú mi ni yóò máa pinnu ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́, ojú tó ń wá awò kiri nígbà tí awò wà lórí mi.

Fún ìgbà tí máàkì bá dọ́gba, ó ṣe àpò ìwé méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ìbéèrè kan tó ń béèrè iye nǹkan wà: ẹgbẹ́ méjèèjì yóò kọ ìdáhùn sórí ìwé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọn yóò gbé e sókè pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá gbà á tí èkejì kùnà, ife ti délé. Bí méjèèjì bá gbà á, tàbí tí méjèèjì kùnà, a ó ṣí àpò kejì. Ìbéèrè ti inú ìyẹn le débi pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló borí.

"Bí wọ́n bá wá sún mọ́ ọn bákan náà ńkọ́?" Mo kàn fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ni.

Ó ti kọ ọ́ kí n tó bi í. "Ẹni tí kò kọjá iye náà ló borí. Kò sí àkókò láti jókòó ti ife di ọ̀la."

Òfin mìíràn tún wà: ìbéèrè kankan kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ méjìlá lọ. Ó ní bí ìbéèrè bá gùn, ẹni tó ń gbọ́ ọ á ti gbàgbé orí kí ó tó dé ìdí. Òfin yìí ló fẹ́ dáná sun ilé wa.

Ọjọ́ méjì kí ó tó di ìdíje ni ó fi káàdì àpò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo gbé awò wọ̀. Èmi kì í tẹ àṣìṣe. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé atẹ̀wé, ibi tó bá yẹ kí àlàfo wà, mo máa ń fi í síbẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́: *Adájọ́ mélòó ló wà ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé?* Ìdáhùn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ka iye ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà. Mẹ́tàlá. Mo tún un kà. Mẹ́tàlá ni.

Mo mú káàdì rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Àyè ti ń tán fún un létí káàdì, ló bá ká "tó wà" pọ̀, ó kọ ọ́ ní "tówà", ó sì kà á sí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Káàdì, ẹni tí kì í jẹ̀bi! Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ó yẹ kí n pè é. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò sọ, pé "tówà" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan láti ayébáyé, pé àwọn atẹ̀wé ló wá pín in sí méjì. Mo ro ìjà wákàtí méjì tó wà nínú ìyẹn, àárẹ̀ mú mi. Ta ló kúkú lè ṣi Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé mọ̀? Mo gé ìdí rẹ̀ dànù: *Adájọ́ mélòó ló wà ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé?* Ọ̀rọ̀ méje, ó mọ́ tónítóní. Mo fi káàdì náà sínú àpò, mo lẹ̀ ẹ́ pa gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, mo sì ju èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú àpò ẹ̀wù mi.

Gbọ̀ngàn ìkàwé kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti ti àwọn pẹpẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n to tábìlì mẹ́ta sójú kan. Nígbà tí abala tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ní máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún, àwọn olùkọ́ ní àádọ́rùn-ún, àwọn oníwèé ní ọgọ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi dìde pẹ̀lú káàdì rẹ̀, ó wọ bàtà tuntun tó ń ké bí ó bá rìn. Ọ̀gá ilé-ìkàwé jókòó níwájú, ìwé ẹ̀hónú kan sì wà lórí itan rẹ̀, funfun báláú.

Ó ń lọ geere. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ pé Paris ni olú-iléeṣẹ́ àjọ ètò ẹ̀kọ́ wà, wọ́n mọ ọdún méjì ti Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ìbéèrè kẹta wọn ni ìlú tí olú-iléeṣẹ́ Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé wà. Ẹ bá mi wo ọ̀gá àwọn oníwèé! Ó mọ̀ ọ́n, ó ń gbọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú. Àwọn nọ́ọ̀sì ní Geneva. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sí tábìlì àwọn olùkọ́, àgbà olùkọ́ sì dìde wẹ́lẹ́, ó ní, "Bern." Máàkì márùn-ún. Ọ̀gá àwọn oníwèé ké bí ẹni tí wọ́n jí lówó.

Àwọn olùkọ́ gba ìbéèrè méjì nínú mẹ́ta tiwọn. Àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n kùnà, wọn kò mọ̀ pé Rome ni, àwọn oníwèé tó tẹ̀ lé wọn náà kò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn oníwèé náà gba méjì, wọ́n dúró sí ọgọ́rùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì kò sì mọ ẹ̀kẹta wọn. Mo rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: nọ́ọ̀sì márùndínlọ́gọ́fà, olùkọ́ márùndínlọ́gọ́fà.

Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, nítorí ètò tó ṣe fún irú ọjọ́ báyìí ti wá wúlò. Ó fa àpò àkọ́kọ́ ya. Ó kà á sókè: "Adájọ́ mélòó ló wà ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé?" Ó dánu dúró. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ tó kù, wọn kò sì sí níbẹ̀. Ó yí káàdì náà wò lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Mo lu agogo, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá pé. Wọ́n gbé ìwé sókè. Nọ́ọ̀sì: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùkọ́: méjìdínlógún.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti fò sókè, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Àgbà olùkọ́ kò fò. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìbéèrè kékeré kan. Ilé-ẹjọ́ wo? Nítorí méjì ló wà, ìlú The Hague kan náà ni wọ́n sì wà. Èyí tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan, tí orílẹ̀-èdè ń pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́, adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Èyí tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí kì í ṣe ti Àjọ Ìṣọ̀kan, méjìdínlógún ni. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé làwọn èèyàn ń pe méjèèjì."

Ọ̀gá ilé-ìkàwé ti ń nu awò ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe, nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òfin kẹsàn-án, tí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí, sọ pé ìdájọ́ olùbéèrè ni òpin. Ó kàn lè sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lórí káàdì, ó tán. Ife á lọ, kò ní sí ẹ̀hónú, káàdì rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì tún lè nawọ́ sí mi, kí ó ní ọ̀lẹ atẹ̀wé yìí ló gé e. Òótọ́ pọ́nńbélé ni ìyẹn.

Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n..."

"Aago, jókòó. Ìṣẹ́jú-àáyá ni mo ní kí o máa kà."

Ó rìn lọ bá ọ̀gá ilé-ìkàwé, bàtà rẹ̀ ń ké ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀hónú lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó kọ ọ́ kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó wá kọjú sí gbogbo èèyàn.

"Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn méjì, méjèèjì ló tọ̀nà. Mo fagi lé e. Àṣìṣe mi ni."

Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sunkún. Àwo, awakọ̀, àwọn tó wọn odò, gbogbo wọn ló ti jẹ̀bi níwájú obìnrin yìí, ọjọ́ tí ẹ̀bi wá jẹ́ tèmi ni ó gbé e lé orí ara rẹ̀.

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ya àpò kejì. "Abala òfin mélòó ló wà nínú ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé?" Òun fúnra rẹ̀ fi ìka ka àwọn ọ̀rọ̀ náà kí ó tó jẹ́ kí n lu agogo. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wo òrùlé. Àwọn olùkọ́ wo ara wọn. Nígbà tí ìwé gòkè, àwọn nọ́ọ̀sì kọ ọgọ́rùn-ún, àwọn olùkọ́ kọ méjìlélọ́gọ́fà.

"Mọ́kànléláàádọ́fà ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́kànlá ni àwọn nọ́ọ̀sì fi dín, mọ́kànlá ni àwọn olùkọ́ fi lé. Nígbà tí mo kéde rẹ̀, ẹ̀rín bú, ọ̀gá àwọn oníwèé rẹ́rìn-ín títí àga fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú gbé ife náà fún òun. Ṣùgbọ́n àgbà olùkọ́ ti ń ṣí ìwé òfin ìdíje, òun tìkára rẹ̀ ló kà á: "Ẹni tí kò kọjá iye náà ló borí." Ó pa ìwé dé, ó lọ bọ nọ́ọ̀sì àgbà lọ́wọ́. Ó ní òun kò tíì rí òfin tó mọ ọ̀nà ilé báyìí rí.

Nígbà tí èrò ti ń tú ká, ọ̀gá ilé-ìkàwé gbé ìwé ẹ̀hónú náà sókè. Ó kà á, ó wọ awò, ó tún un kà. "Mà, níbi tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó fi ẹ̀hónú hàn, ẹ kọ 'Olùbéèrè' síbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀hónú hàn sí ara yín ni?"

"Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí n má ṣe é."

Ọ̀gá yíjú sí àgbà olùkọ́. "Ẹgbẹ́ yín ńkọ́?"

"Àwa? Ìbéèrè kékeré kan ni mo bi wọ́n. Ẹ ò rí i pé kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi ni, sà?"

Ọ̀gá nu awò rẹ̀ títí mo fi rò pé yóò gbó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àdéhùn wa ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá fi ẹ̀hónú hàn. Ẹgbẹ́ kankan kò fi ẹ̀hónú hàn." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sí àpò. "A ó ríra lọ́dún tó ń bọ̀, mà."

Ní ìdajì ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi. "Mú káàdì mi wá." Mo fà á yọ nínú àpò ẹ̀wù. Ó dúró lábẹ́ òrùlé ilé ìtajà kan, ó ń fi ìka kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ló lé, ìwọ wá gé mẹ́fà."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́?"

"Kí wọ́n lè gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ, kí o wá máa jókòó tì mí nílé ní gbogbo ọ̀sán?" Ó fún mi ní káàdì tí ìlérí mi wà lórí rẹ̀. "Lọ tún ilẹ̀kùn mi ṣe."

Mo lọ tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lórí tábìlì ìjẹun, mo bá káàdì òfin ìdíje ti ọdún tó ń bọ̀, gègé ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti fa ìlà lórí "méjìlá". Ohun tó kọ rọ́pò rẹ̀ nìyí: *Kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá lọ, títí kan èyí tó wà létí káàdì.* Àlàfo tó fi sáàárín "tó" àti "wà" fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò mi gba ibẹ̀.